Onílé Pààrọ̀ Àkáǹtì Owó Ilé: Bí Ẹ Ó Ṣe Kéde Rẹ̀, àti Bí Ayálégbé Yóò Ṣe Fi Fóònù Wádìí Kó Tó Sanwó

Ìbéèrè méjì ló ń wá lemọ́lemọ́ láti Òṣogbo. Onílé á ní, "Mo ti kúrò ní báńkì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, báwo ni mo ṣe máa sọ fáwọn ayálégbé mi tí wọn ò fi ní rò pé gbájúẹ̀ ni?" Ayálégbé náà á ní, "Onílé wa fi àkáǹtì tuntun ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ṣé kí n san án?"

Ohun kan náà ló bí méjèèjì. Ìwé tí onílé gidi kọ àti èyí tí olè kọ jọra bí ìbejì. Méjèèjì ló ní kí ẹ má sanwó sí ti àtijọ́ mọ́, méjèèjì ló ní orúkọ báńkì àti nọ́ńbà mẹ́wàá. Bí ẹ tẹjú mọ́ ìwé náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní sọ ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Ìpè tí ayálégbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe onílé, lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìwé yẹn tó dé, ló ń ya òótọ́ sọ́tọ̀. Gbogbo ìlànà ìsàlẹ̀ yìí, orí ìpè yẹn ló dúró lé.

Ilé kan la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ: fúláàtì mẹ́fà ní Òkè-Baálẹ̀, 350,000 náírà lọ́dún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ilé sì ń pé ní oṣù Kìíní.

## Kí onílé tó kọ ohunkóhun

1. Ẹ má pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tí fóònù yín bá sọnù, tí ẹ ra laìnì tuntun, tí ẹ sì fi laìnì tuntun yẹn kéde àkáǹtì tuntun, kò sí nọ́ńbà àtijọ́ tí ayálégbé lè pè mọ́. Bí olè ṣe máa ń ṣe gan-an lẹ ṣe yẹn: "Èmi onílé yín ni, nọ́ńbà mi tuntun nìyí, àkáǹtì mi tuntun nìyí." Ẹ kọ́kọ́ lọ gba laìnì àtijọ́ padà, èyí tí wọ́n ń pè ní wẹ́kọ̀mù-báàkì. Ẹ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè yín dání lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù náà. Tí kò bá ṣeé gbà padà mọ́ rárá, a jẹ́ pé ẹ máa lọ bá ayálégbé kọ̀ọ̀kan lójúkojú nìyẹn. Fóònù kò lè ṣiṣẹ́ yẹn bá yín.

2. Ẹ dán àkáǹtì tuntun wò. Kí ọmọ yín tàbí ará àdúgbò fi 100 náírà ránṣẹ́ sí i láti báńkì mìíràn. Kí owó tó lọ, orúkọ kan á jáde lójú fóònù rẹ̀. Ẹ da orúkọ yẹn kọ bó ṣe wà, lẹ́tà lẹ́tà. Ayálégbé tó ti ń pè yín ní Alájì tàbí Bàbá Ìbejì láti ọdún mẹ́wàá lè má mọ orúkọ tó wà ní báńkì rárá. Tó bá rí orúkọ mẹ́ta tí kò gbọ́ rí, ẹ̀rù á bà á, kò sì jẹ̀bi.

3. Ẹ béèrè iye tí àkáǹtì náà lè gbà. Àwọn àkáǹtì kan wà tí wọ́n fi fóònù nìkan ṣí, tí ìwé wọn kò tíì pé. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò gbọdọ̀ ní ju 300,000 náírà lọ nínú, owó tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò sì tó nǹkan. Owó fúláàtì kan péré ní ilé Òkè-Baálẹ̀ wa ti ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ayálégbé á sanwó, owó á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní wọlé sọ́dọ̀ yín, kálukú á wá máa fura sí ẹnì kejì. Ẹ parí ìwé yín ní báńkì kí ẹ tó kéde.

4. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sanwó, kì í ṣe ẹni tó ń gbénú ilé nìkan. Ní fúláàtì 4 ilé wa, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìkìrun ló ń fi owó ránṣẹ́. Bí ìwé bá dé ọwọ́ ọmọ, tí ọmọ ya fọ́tò rẹ̀ sí bàbá, bàbá ló gbọ́dọ̀ pè yín. Tí ẹ kò bá ní nọ́ńbà bàbá, tí òun náà kò ní tiyín, ìsinsìnyí ni kí ẹ ti wá a.

## Bí ẹ ó ṣe kọ ìwé náà

Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ owó ilé ló dáa. Fún owó oṣù Kìíní, kí ìwé ti jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Onílé tó dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésì ń fi ìkánjú sọ́rùn ayálégbé, ìkánjú sì ni gbájúẹ̀ fi ń jẹun.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

> Ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, 2026
> Sí ayálégbé fúláàtì 4
>
> Ẹ kú ilé o. Láti owó ilé oṣù Kìíní 2027 lọ, àkáǹtì tuntun ni ẹ ó máa sanwó sí.
>
> Báńkì: (orúkọ báńkì)
> Orúkọ àkáǹtì: (bó ṣe ń jáde lójú fóònù gan-an)
> Nọ́ńbà: (méje àkọ́kọ́) _ _ _
>
> Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ ni. Ẹ pè mí kí ẹ gbà á, lórí nọ́ńbà fóònù mi tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì yín. Mi ò kọ nọ́ńbà fóònù kankan sínú ìwé yìí. Tí ẹ bá rí ìwé mìíràn tó ní nọ́ńbà fóònù nínú, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.
>
> Ẹ má san kọ́bọ̀ síbẹ̀ kí a tó jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pẹ́ nítorí pé kò tíì rí mi bá sọ̀rọ̀ kò ní sanwó ìtanràn.
>
> (Orúkọ àti ìbuwọ́lùwé)

Àwọn onílé kan á ní nọ́ńbà tí a fi sílẹ̀ yẹn ti le jù. Kò le jù. Tí ìwé bá ní nọ́ńbà mẹ́wàá pé, tó sì ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kí ẹ tó sanwó", mélòó nínú àwọn ayálégbé ló máa pè? Ẹni tó bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́ á kàn sanwó ni. Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà kò bá pé, owó kò lè lọ, yóò sì pè yín dandan. Àǹfààní kejì ni pé tí ìwé bá já sí ọwọ́ ẹlòmíràn, nọ́ńbà méje kò wúlò fún un.

Nípa nọ́ńbà fóònù tí kò gbọdọ̀ sí nínú ìwé: tí olè bá fẹ́ fi ìwé irọ́ rọ́pò tiyín, nọ́ńbà tirẹ̀ ló máa kọ sísàlẹ̀, yóò wá ní "ẹ pè láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀". Ayálégbé á pè lóòótọ́, olè ló máa gbé e, á sì fìdí irọ́ múlẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí ayálégbé lọ wá nọ́ńbà níbòmíràn: nínú àgírímẹ́ǹtì, ní ẹ̀yìn rìsíìtì tó kọjá, tàbí nínú fóònù rẹ̀ níbi tó ti kọ ọ́ sí láti ìgbà tó wọlé.

Ẹ má fi ẹ̀dínwó sínú ìwé yìí pẹ̀lú. "Ẹni tó bá san kó tó di ọjọ́ 10, à á yọ 20,000 fún un" dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó má bá àkáǹtì tuntun wà nínú ìwé kan náà, torí ìkánjú náà ni.

## Bí ìwé ṣe máa dé ọwọ́ wọn

Ẹ fi fún wọn lọ́wọ́, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, nítorí ohun tí ẹ lè lẹ̀, ẹlòmíràn náà lè já a kó lẹ tiẹ̀. Ẹ má gbé e sórí gúrúùpù Wasáàpù ilé náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ lè kọ sórí gúrúùpù kò ju: "Mo ti fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá tíì rí tiẹ̀ kó pè mí." Àkáǹtì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Kí ẹni tó gbà á buwọ́ lùwé nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín. Ìwé yẹn náà lẹ ó máa kọ ìpè sí tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè: fúláàtì wo, ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ló pè.

## Fún ayálégbé: bí ẹ ó ṣe pe onílé

1. Ẹ mú nọ́ńbà àtijọ́ jáde, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ má tẹ nọ́ńbà tó wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Tí ẹnì kan bá sì kọ́kọ́ pè yín, tó ní òun ni onílé, ẹ dá a lóhùn tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ pé ẹ ó pè é padà, kí ẹ gé e, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tí ẹ ní. Orúkọ "Láńlọ́ọ̀dù" tó hàn lójú fóònù yín kò tó ẹ̀rí nígbà tí ìpè bá ń wọlé, nítorí àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà ẹlẹ́ni bojú pè. Orí ìpè tí ẹ̀yin fúnra yín bá pè jáde ni ọ̀rọ̀ wà.

2. Ìpè lásán ni kí ẹ pè, kì í ṣe ti Wasáàpù. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Bí wọ́n ṣe ń gba Wasáàpù lọ́wọ́ àgbàlagbà rèé. Olè á fi nọ́ńbà bàbá forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Wasáàpù á fi nọ́ńbà àṣírí onídíjíìtì mẹ́fà ránṣẹ́ sí bàbá nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni olè á pe bàbá: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, nọ́ńbà ìpàdé àwọn àgbà àdúgbò ló ṣèèṣì wọ orí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á fún mi." Bàbá á kà á, ó parí. Láti ìṣẹ́jú yẹn, gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sí bàbá lórí Wasáàpù, olè ló ń kà á. Tí ẹ bá fi Wasáàpù pè, ọ̀dọ̀ olè ló máa dún. Àwòrán bàbá pẹ̀lú fìlà lè ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ṣùgbọ́n síìmù bàbá ṣì wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Ìpè lásán, èyí tó ń jẹ owó káàdì, ọ̀dọ̀ bàbá gan-an ló ń lọ. Owó ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ fi dáàbò bo 350,000.

3. Kí onílé kà, kí ẹ̀yin máa wò ó. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì. Ayálégbé á ní, "Sà, ṣé zíírò, sẹ́fìnù, tùú...ni?" onílé á máa ní "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni", láìwo ibì kankan. Bí nọ́ńbà tí ayálégbé ń kà bá tiẹ̀ jẹ́ ti olè, bàbá á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí:

— Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi Ìyá Ìbejì ni, ti fúláàtì kejì. Mo rí ìwé yín gbà lánàá.

— Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Àwọn ọmọ ńkọ́?

— Wọ́n wà, wọ́n ń kí yín. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà àkáǹtì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin sà, èmi á máa wo ìwé.

— Ó dáa, ẹ jẹ́ n mú gíláàsì mi.

Gíláàsì yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kó mú un. Kó ka méjèèje tó wà nínú ìwé, kó tó wá ka mẹ́ta tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní méjì méjì. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń fọ́, "fáìfù" àti "náìnì" máa ń dún bákan náà létí; "méjì" àti "méje" náà ń da etí rú. Ẹ jẹ́ kó fi èdè méjèèjì pè é: fáìfù, márùn-ún. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin ka mẹ́ta tó gbẹ̀yìn padà fún un.

4. Ẹ bi í ní ohun kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí olè ń gbà, tó burú ju ti Wasáàpù lọ: ó lè gba síìmù onílé fúnra rẹ̀, kó ṣe wẹ́kọ̀mù-báàkì rẹ̀ sórí síìmù tuntun. Nígbà yẹn, ìpè lásán náà á lọ sọ́dọ̀ olè. Ìbéèrè ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ má béèrè ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ọmọ, ìyẹn wà káàkiri lórí Fesibúùkù. Ẹ béèrè nǹkan inú ilé: "Sà, ta lẹ ní kó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe lọ́jọ́sí?" "Èwo nínú wáyà iná wa lẹ ní kí a má fọwọ́ kàn?" Onílé gidi lè bínú díẹ̀ pé ẹ ń dán òun wò. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì béèrè síbẹ̀.

Àmì tó yẹ kó mú yín dúró lójú ẹsẹ̀:

- Laìnì onílé kò lọ rárá fún ọjọ́ méjì, àmọ́ Wasáàpù rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀.
- Ẹni tó gbé e ní ohùn òun há, ibà ń ṣe òun, kí ẹ kàn máa kọ ọ̀rọ̀ sí òun.
- Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá tí kì í ṣe bí onílé yín ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá tó ń fi ohùn Òṣogbo sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí kò lè dédé máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ Èkó.
- Ó ní kí ẹ má sọ fún àwọn ayálégbé tó kù.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má sanwó, ẹ lọ sílé onílé. Ní Òṣogbo, láti Òkè-Baálẹ̀ sí Ògo-Olúwa tàbí Alékùwodò, owó ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ kò lè tó owó ilé.

## Bí ẹ ó ṣe fi owó náà ránṣẹ́

1. Ẹ mú báńkì tó tọ́. Nọ́ńbà mẹ́wàá kan náà lè wà ní báńkì méjì, kó sì jẹ́ ti èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Díjíìtì kẹwàá inú nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ láti inú mẹ́sàn-án tó ṣáájú àti nọ́ńbà ìdámọ̀ báńkì ni. Nítorí náà, tí ẹ bá ṣi díjíìtì kan tẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣi báńkì yàn, ó lè gbà, orúkọ ẹlòmíràn ló máa jáde.

Ti OPay àti PalmPay tún yàtọ̀: nọ́ńbà fóònù láìsí òdo àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà àkáǹtì níbẹ̀. Èèyàn kan lè fi fóònù kan náà ṣí méjèèjì, tàbí kó má ní ju ọ̀kan lọ. Pé onílé ń lo wọn kì í ṣe àmì jìbìtì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ èwo ni nínú méjèèjì.

2. Ẹ wo orúkọ tó jáde kí ẹ tó tẹ píìnì. Kí ó bá èyí tó wà nínú ìwé mu lẹ́tà lẹ́tà. Tó bá ku orúkọ kan, tàbí orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló jáde, ẹ dúró, ẹ pè padà. Tó bá jẹ́ pé lọ́dọ̀ oní-pí-ó-ẹ̀sì lẹ ti ń sanwó, ẹ ní kó yí ojú ẹ̀rọ sí yín kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ẹnu pe nọ́ńbà fún un lójú èrò.

3. Ẹ kọ́kọ́ fi owó kékeré tí iye rẹ̀ ṣàjèjì ránṣẹ́. Ká ní Ìyá Ìbejì fi 137 náírà ránṣẹ́. Ó pe onílé lórí nọ́ńbà kan náà: "Sà, mo ti fi owó kékeré kan ránṣẹ́. Èló lẹ rí?" Kò sọ iye rẹ̀ o. Tí bàbá bá ní "ọgọ́rùn-ún kan àti mẹ́tàdínlógójì", ó ti yanjú, owó dé ọwọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá ní "mo ti rí i, ẹ máa fi ìyókù ránṣẹ́", tí kò sì lè sọ iye rẹ̀, ẹ má fi ìyókù ránṣẹ́. Kí onílé wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí áàpù, kó má dúró de àlàátì orí fóònù, torí àlàátì ń pẹ́, ọ̀pọ̀ sì ti dá a dúró nítorí owó tí báńkì ń yọ lórí rẹ̀.

4. Ẹ wá fi ìyókù ránṣẹ́. Ti Ìyá Ìbejì á jẹ́ 349,863 náírà. Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ sọ ìdí owó, ẹ kọ ọ́ kó yé ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta: `Owo ile fulaati 2, Jan-Dec 2027`. Ẹ fi rìsíìtì orí áàpù pa mọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì owó ilé lọ́wọ́ onílé. Kí iye tó wà lórí rìsíìtì onílé jẹ́ 350,000 pé, kó má yọ 137 sílẹ̀.

## Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́

Onílé wà lókè òkun. Ìpè lásán sí òkè òkun ń jẹ owó, nọ́ńbà rẹ̀ sì lè má jẹ́ ti Nàìjíríà. Kí ó fi fídíò pè yín níṣojú kíátékà tí ẹ ti mọ̀, kí ojú rẹ̀ hàn, kó ka nọ́ńbà náà láti ẹnu rẹ̀, kí ẹ̀yin sì bi í ní ìbéèrè inú ilé. Lẹ́yìn náà, owó kékeré yẹn ló tún máa parí rẹ̀.

Ejẹ́ǹtì tàbí kíátékà ló mú àkáǹtì tuntun wá. Ẹ pe onílé. Ejẹ́ǹtì olóòótọ́ kò ní bínú. Èyí tó bá ní "èmi ni kẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀, bàbá ò fẹ́ wàhálà", ẹ túbọ̀ pe onílé.

Orúkọ ọmọ onílé ló wà lórí àkáǹtì. Ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá tí bàbá bá ti dàgbà. Kí bàbá fi ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ òun báyìí ni kó máa gba owó, kí ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá lórí fóònù. Láìsí èyí, bí àwọn ọmọ bá jà lọ́la, ẹ lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Onílé ti kú. Ibí yìí lẹ ti gbọ́dọ̀ lọ́ra jù. Ọmọ mẹ́ta lè fi àkáǹtì mẹ́ta ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ bàbá lóòótọ́. Fóònù kò lè yanjú èyí. Ẹ ní kí ẹbí mú ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún tí ilé ẹjọ́ gíga fún wọn wá, tàbí ìwé ìhágún tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí. Kí wọ́n tó mú un dé, ẹ tọ́jú owó náà sọ́tọ̀ ní báńkì yín, kí ẹ sì kọ ìwé sí ẹbí pé owó wà nílẹ̀, àṣẹ lẹ ń dúró dè.

Fún àgírímẹ́ǹtì tó ń bọ̀, ẹ ní kí lọ́yà fi gbólóhùn kan kún un: àkáǹtì owó ilé kò yí padà àyàfi tí onílé bá fún ayálégbé ní ìwé lọ́wọ́, tí àwọn méjèèjì sì ti sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà fóònù tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì náà. Tí ìjà bá dé, gbólóhùn yẹn á sọ ta ló ṣe ojúṣe rẹ̀.

## Tí owó bá ti lọ sọ́dọ̀ olè

Ẹ má kọ́kọ́ sá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Tíránsífà ń dé láàárín ìṣẹ́jú, olè sì ń pín in sí àkáǹtì mìíràn kíákíá. Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

1. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín tàbí nínú áàpù báńkì yín. Ẹ má wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí nọ́ńbà báńkì irọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí jìbìtì.
2. Ẹ fún wọn ní iye owó, aago tó lọ, báńkì àti àkáǹtì tó lọ sí, àti `Session ID` tó wà lórí rìsíìtì áàpù. Ó máa ń jẹ́ díjíìtì 30. Òun ni báńkì kejì á fi rí owó náà. Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ pe báńkì tí owó lọ sí náà. Tí owó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè dì í mú kó má jáde. Pé wọ́n dì í mú kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti dá a padà. Ìwé ọlọ́pàá tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n sábà máa ń béèrè.
4. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì yín, kí ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka tó sún mọ́ yín, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tiyín.
5. Ẹ wá lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà yẹn, rìsíìtì, àti fọ́tò ọ̀rọ̀ tí olè kọ. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù, bó ti wù kó rí yín lára tó.
6. Ẹ kan ilẹ̀kùn fúláàtì tó kù. Ìwé irọ́ kan kì í dá wá sí ilé onífúláàtì mẹ́fà.

Onílé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Tí ayálégbé kan bá pè pé òun ti sanwó síbi tí kò tọ́, kí onílé pe márùn-ún tó kù ní wákàtí kan náà, ní ìpè lásán. Tó bá jẹ́ pé Wasáàpù rẹ̀ ni wọ́n gbà, kó tún forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀, èyí á lé olè jáde. Kó sì wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú píìnì onídíjíìtì mẹ́fà tó wà ní `Two-step verification`. Tí olè bá ti fi píìnì tirẹ̀ sí i ṣáájú, onílé máa dúró fún ọjọ́ méje kó tó lè wọlé. Láàárín ọjọ́ méje yẹn, kó sọ fún gbogbo ayálégbé pé ohunkóhun tó bá wá láti Wasáàpù òun, òun kọ́.

Ó ku ti àkáǹtì àtijọ́. Ẹ má pa á rẹ́ kí owó oṣù Kìíní tó wọlé tán. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ fúláàtì 4 lè ti fi àkáǹtì àtijọ́ pa mọ́ sínú áàpù rẹ̀, kó kàn tẹ orúkọ yín, kó sanwó síbẹ̀ bó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Tí àkáǹtì náà bá ṣì wà, owó dé ọwọ́ yín, ẹ ó kàn pè é kó yí i padà. Tí gbogbo fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti san sí tuntun lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè wá lọ tì í pa.